Ohun Tó Ń Pinnu Àwọ̀ Ojú, àti Ìdí tí Àwòrán Méjì Kì í Fi í Bára Wọn Mu

Ẹni tó bá wo àwòrán David Bowie, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní ọdún 2016, á fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé àwọ̀ ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán, ojú ọ̀tún rẹ̀ búlúù kedere, ti òsì sì dúdú tàbí kó jọ búráùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú. Àmọ́ ojú méjèèjì ló búlúù. Ní ọdún 1962, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Underwood jà nítorí ọmọbìnrin kan, ẹ̀ṣẹ́ sì bà á lójú òsì. Iṣan tó ń mú kí ọmọlójú sún kì bàjẹ́, láti ọjọ́ náà ni ọmọlójú òsì sì ti là sílẹ̀ tí kò lè padé mọ́. Ibi tó yẹ kí kámẹ́rà ti rí àwọ̀ búlúù, ihò dúdú tó fẹ̀ ló rí níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bowie ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa níwọ̀nba, láìsí ìjà kankan. Ojú ẹnì kan náà á jọ àwọ̀ oyin nínú fọ́tò kan, á dúdú bí èédú nínú èkejì, á tún ní àbàwọ́n eérú nínú ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ojú náà kò yí padà rárá. Ìdí ni pé àwọ̀ ojú kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n fi kun nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ ló wọ inú ojú lọ, tí apá kan rẹ̀ rì síbẹ̀, tí apá kan sì padà jáde. Èyí tó padà jáde ni à ń pè ní àwọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé bá yàtọ̀, èyí tó máa jáde gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ojú fúnra rẹ̀. Òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká ni àwọn dókítà ojú ń pè ní áírísì. Láti etí rẹ̀ kan dé èkejì kò ju nǹkan bíi mílímítà 12 lọ. Ìpele méjì nínú rẹ̀ ló kàn wá níbí. Ìpele ẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kún fún mẹ́lánínì, èròjà dúdú kan náà tó ń fún awọ ara àti irun wa ní àwọ̀. Ìpele ẹ̀yìn yìí dúdú lára ọmọ Ìbàdàn, ó dúdú lára ọmọ Súwídìn, àfi àwọn àfín nìkan ni tiwọn kò dúdú tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dínà fún ìmọ́lẹ̀, kó má baà sí ibòmíì tí yóò gbà wọlé ju ọmọlójú lọ.

Ìpele iwájú ni wọ́n ń pè ní sítírómà. Fọ́nrán tín-tìn-tín tí kò ní àwọ̀ ni wọ́n fi hun ún, kò sì hun mọ́ra típẹ́típẹ́. Láàárín àwọn fọ́nrán náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹ́lánínì ń gbé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ojú wà. Iye sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹni olójú búlúù sí ẹni olójú búráùn. Ohun tó yàtọ̀ ni bí mẹ́lánínì tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kó sínú ṣe pọ̀ tó, àti irú mẹ́lánínì tó jẹ́, nítorí èyí tó dúdú wà, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sí ìyeyè náà sì wà.

Bí mẹ́lánínì bá pọ̀ nínú sítírómà, bó ṣe wà lójú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé kò ní lọ jìnnà kí mẹ́lánínì tó gbé e mì. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń gbé mì jù, ó sì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti ìyeyè. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù yìí ló ń padà jáde, òun la sì ń rí ní búráùn. Nítorí náà, ojú tí à ń pè ní ojú dúdú kì í ṣe dúdú ní ti gidi. Búráùn tó jinlẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà ló kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí i.

Ojú búlúù ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu, nítorí kò sí ohun búlúù kankan nínú rẹ̀. Ẹ wo èéfín igi ìdáná bó ṣe ń gòkè níwájú ògiri tó ti dúdú fún èédú: á máa ṣe bí ẹni pé ó ní búlúù díẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ a kò da aró sínú iná. Ohun kékeré tó wà nínú èéfín ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù káàkiri ju bó ṣe ń fọ́n pupa lọ, ògiri dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni kò jẹ́ kí àwọ̀ mìíràn bo búlúù náà mọ́lẹ̀. Bó ṣe rí nínú ojú búlúù nìyẹn. Mẹ́lánínì kò pọ̀ nínú sítírómà, àwọn fọ́nrán rẹ̀ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù padà síwájú, pupa àti ìyeyè sì ń kọjá lọ bá ìpele ẹ̀yìn tó dúdú, ibẹ̀ ni wọ́n ń rì sí. Bí mẹ́lánínì díẹ̀, pàápàá èyí tó jọ ìyeyè, bá wà lórí búlúù yìí, àwọ̀ ewé ni a ó rí. Bí kò bá sì tẹ́ dọ́gba, tó pọ̀ lẹ́bàá ọmọlójú tó sì dín kù létí, ojú náà á jọ búráùn láàárín, á jọ ewé lóde, irú ojú bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń yí jù láti fọ́tò dé fọ́tò.

Àbùdá tí a jogún ló ń pinnu bí mẹ́lánínì ṣe máa pọ̀ tó. Jíìnì tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ́ OCA2, orí kúrómósóòmù kẹẹ̀ẹ́dógún ló wà. Ní ọdún 2008, Hans Eiberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kopenhágìn tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ojú búlúù àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò so mọ́ ìyípadà kékeré kan nínú jíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, HERC2. Ìyípadà náà kò ba OCA2 jẹ́, ó kàn dín iṣẹ́ rẹ̀ kù nínú ojú ni. Bí OCA2 fúnra rẹ̀ bá wá bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ọmọ náà á jẹ́ àfín, irú àfín yìí ló sì wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn jíìnì mìíràn tún ń ti ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè wo ojú bàbá àti ìyá kí a fi ọwọ́ sọ̀yà nípa ojú ọmọ.

Ní báyìí tí a ti mọ ohun tó wà nínú ojú, ẹ jẹ́ ká wo bí kámẹ́rà ṣe ń rí i. Ojú búráùn tó jinlẹ̀ ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ wa ní.

Ẹ ya fọ́tò ẹni tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ lálẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí áírísì rẹ̀ ń dá padà kéré gan-an. Fóònù sì kì í wo ojú nìkan. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbé yẹ̀ wò kó tó pinnu bí àwòrán ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Bí onítọ̀hún bá wọ agbádá funfun, fóònù á dín ìmọ́lẹ̀ kù kí aṣọ náà má baà fọ́n jù, ìwọ̀nba búráùn tó wà lójú á sì wọmi sínú òkùnkùn. Áírísì àti ọmọlójú á wá di ohun kan náà, róbótó dúdú kan ṣoṣo.

Ẹ wá mú ẹni yìí kan náà jáde ní nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kí oòrùn máa ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú ojú, yóò tàn sórí àwọn fọ́nrán sítírómà láti ìhà kan dé èkejì. Áírísì kan náà á wá mọ́lẹ̀ bí oyin, a ó sì rí àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó ti etí ọmọlójú tàn dé etí òde, níbi tí àwọ̀ rẹ̀ ti tún ṣú díẹ̀. Kì í ṣe pé oòrùn fún un ní àwọ̀ tuntun. Ìdá kékeré tó ń dá padà tẹ́lẹ̀ náà ló ń dá padà, ohun tó wọlé ló pọ̀ sí i ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ẹni tó bá wá rò pé oòrùn ọ̀sán gangan ni yóò dára jù yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí oòrùn bá dúró sójú òpó, ìpéǹpéjú àti egungun iwájú á ta òjìji sójú, ojú á sì tún dúdú.

Ọmọlójú náà ní ipa tirẹ̀. Nínú oòrùn, ó lè kéré tó mílímítà 2 tàbí 3. Nínú òkùnkùn, ó lè fẹ̀ tó mílímítà 7 tàbí 8 lójú ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí áírísì tó fẹ̀ tó mílímítà 12. Bí ọmọlójú bá jẹ́ mílímítà 3, àwọ̀ tó yí i ká á fẹ̀ tó mílímítà mẹ́rin ààbọ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá là dé mílímítà 8, méjì péré ló kù. Gbogbo ààyè tí àwọ̀ ń gbà dín kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ojú búlúù òsì Bowie ṣe di dúdú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fọ́tò tí a yà nílé àríyá lálẹ́ ṣe ń mú kí ojú gbogbo èèyàn ṣú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun mìíràn tó ń dá wa láàmú ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè kò ní búlúù púpọ̀ nínú. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ ibòji lọ́sàn-án, tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀, ní búlúù tó pọ̀. Ọpọlọ wa ń ṣàtúnṣe èyí láìjẹ́ ká mọ̀, tí bébà funfun fi ń funfun lójú wa níbi gbogbo. Kámẹ́rà ń gbìyànjú láti ṣe bákan náà, ètò tó fi ń ṣe é ni WB tí a ń rí lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àbá lásán ló ń dá, ó sì máa ń ṣì í. Ẹni tó jókòó sábẹ́ kánópì búlúù níbi ìsìnkú tàbí ìkómọ mọ ohun tí mò ń wí: kánópì á da búlúù sára gbogbo èèyàn, kámẹ́rà á yọ díẹ̀, á fi díẹ̀ sílẹ̀, ojú á sì gba tirẹ̀ níbẹ̀. Ojú búlúù àti ojú àwọ̀ ewé ló ń jìyà èyí jù. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé ni wọ́n ń fọ́n padà, ìmọ́lẹ̀ tí kò bá ní búlúù á sọ wọ́n di eérú.

Ohun kan tún wà tí kò tilẹ̀ sí nínú áírísì rárá. Iwájú ẹyinjú ní ìbòrí kan tó mọ́ gaara, tí omi ojú ń mú tutù nígbà gbogbo, tó sì ń dán bíi dígí. Fèrèsé, ojú ọ̀run, iná róbótó àwọn ayàwòrán, gbogbo wọn ló ń fi òjìji wọn hàn lórí rẹ̀. Lójú tó dúdú, òjìji yìí máa ń hàn ju áírísì lọ, ojú ọ̀run tó hàn níbẹ̀ á sì mú kí a rò pé ojú ọmọ wa ní búlúù. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ fa fọ́tò náà tóbi, kí ẹ wo ibi tí àwọ̀ náà dé. Bí ó bá ní igun bíi fèrèsé, tàbí tó kọjá lórí ọmọlójú pẹ̀lú, òjìji ni. Àwọ̀ áírísì kì í kọjá sórí ọmọlójú láé, nítorí ihò ni ọmọlójú.

Ti fúláàṣì náà ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí fúláàṣì bá súnmọ́ ojú kámẹ́rà, tí ọmọlójú sì ti là nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, á kan ẹ̀yìn ojú tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí, á sì padà wá ní pupa. Èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú aláwọ̀ dúdú, nítorí mẹ́lánínì wà lẹ́yìn ojú pẹ̀lú tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Lójú àfín, ó hàn gan-an, áírísì pàápàá lè pọ́n, nítorí ìpele ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè dí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ojú àfín kì í ṣe pupa. Búlúù, eérú tàbí búráùn tó fúyẹ́ ni, fúláàṣì ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú hàn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọ̀ ojú rẹ̀ ní tòótọ́, kó ṣe é báyìí. Kó jókòó ní òwúrọ̀ níwájú fèrèsé tí oòrùn kò tàn sí tààrà, kó kọjú sí i. Kó mú bébà funfun lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kó pa fúláàṣì, kó sì pa gbogbo ohun tó ń ṣe ojú lẹ́wà lórí fóònù, nítorí wọ́n máa ń tan ojú sí i. Kí ẹlòmíràn bá a yà á, kí fóònù má sún mọ́ ọn jù débi tí yóò fi ta òjìji. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya òmíràn lábẹ́ gílóòbù ìyeyè, àti òmíràn lóde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aláwọ̀, bébà kan náà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀, kí wọ́n má kọ́kọ́ wo ojú, bébà ni kí wọ́n wò. Fọ́tò tí bébà rẹ̀ bá ti di ìyeyè tàbí búlúù, àwọ̀ ojú inú rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Èyí tí bébà rẹ̀ funfun, tí ìlà inú áírísì sì hàn, ni ẹ̀rí.

Nígbà mìíràn, ojú yí padà lóòótọ́. Ohun tó máa fi í hàn ni pé ìyípadà náà á wà nínú fọ́tò gbogbo, a ó sì rí i láìsí kámẹ́rà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lójú àwọn àgbàlagbà wa ni òrùka búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí eérú tó yí búráùn ká létí òde. Áírísì kọ́ ló yí padà. Ọ̀rá ló kó sí etí ìbòrí tó mọ́ gaara yẹn. Kò léwu fún arúgbó, ṣùgbọ́n bí ó bá hàn lójú ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, ó yẹ kó lọ yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn ìkánsójú kan tí wọ́n ń lò fún gulukómà, látánópírósìtì, lè mú kí áírísì ṣú sí i, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Lójú tó ti jẹ́ búráùn jinlẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀ ni ti ọmọdé. Bí fúláàṣì bá fi ọmọlójú ọmọ hàn ní funfun, pàápàá ní ojú kan ṣoṣo, tó sì tún rí bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò míì, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Nígbà mìíràn, ibi tí ọmọ kọjú sí ló fà á, kò sì sí nǹkan kan. Ó tún lè jẹ́ pé nǹkan funfun ti bo inú ojú náà, tàbí kó jẹ́ àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀yìn ojú tó ń mú ọmọdé, èyí tó ṣeé wò bí a bá tètè rí i.

Nítorí pé àwọ̀ ojú inú fọ́tò kò ṣeé gbára lé tó báyìí, àwọn tó ń fi ojú dá èèyàn mọ̀ kì í lò ó. Ní ọdún 1984, Steve McCurry ya ọmọbìnrin ará Afugánísítáànì kan ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, lẹ́bàá ìlú Peṣáwà. Ojú àwọ̀ ewé ọmọ náà di mímọ̀ káàkiri ayé láti èèpo iwájú ìwé ìròyìn National Geographic ní ọdún 1985. Nígbà tí wọ́n rí obìnrin kan ní ọdún 2002, tí wọ́n sì gbà pé òun ni, wọn ò fi àwọ̀ ojú rẹ̀ dájọ́. John Daugman, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Kémbíríìjì, ló fi ìṣirò wo bí ìlà áírísì inú fọ́tò méjèèjì ṣe tò, ó sì rí i pé ẹnì kan náà ni, Sharbat Gula. Ẹ̀rọ tó ń ka áírísì lónìí tilẹ̀ ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí, tí mẹ́lánínì kì í gbé mì púpọ̀, kí ìlà ojú búráùn jinlẹ̀ lè hàn kedere bíi ti ojú búlúù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fọ́tò méjì jẹ́ ti ẹnì kan, ìlà inú áírísì ni kó wò, kó fi àwọ̀ sílẹ̀.